Ọpẹ́ Tí Kò Dárúkọ Ẹnikẹ́ni

“Kà á sókè kí n gbọ́,” ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wí, bó ti ń so okùn bàtà funfun rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Àbúrò rẹ̀ gbé fóònù sókè, ó sì wú kọ́. Gègé ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí láti kékeré, bí ìwé bá ti dé, òun ni wọ́n máa ń pè kó wá kọ ọ́. Ìwé ẹ̀bẹ̀ sí onílé, ìwé ìwáṣẹ́ aládùúgbò, ọ̀rọ̀ ìkíni ọjọ́ ìbí, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ó ti wà ní kíláàsì àṣejáde báyìí, ìdánwò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé kò tíì fi í sílẹ̀.

“‘Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá mi sí láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ jòjòló…’”

“Fo ibẹ̀ yẹn.”

“Àǹtí mi, bí mo bá fo ibẹ̀ yẹn, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ èèyàn ló kàn. Orúkọ yẹn kò sì lópin. Àní ẹ dárúkọ ẹni tó yá wa ní àga!”

Àǹtí Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Sátidé tó kọjá ló ṣe ìgbéyàwó. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ oníṣẹ́ iná mànàmáná, Oníná ni tọmọdé tàgbà sì mọ̀ ọ́n sí. Látìgbà tí wọ́n ti ṣe é tán ni àwọn èèyàn ti ń béèrè pé ìgbà wo ni ìyàwó máa fi fọ́tò àti ọ̀rọ̀ sí ojú òpó rẹ̀ lórí ayélujára. Ó ti jókòó kọ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, àmọ́ ohun tó kọ gùn ju ìwàásù lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yà nílé ìyá rẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, nítorí ilé ìwòsàn kò jìnnà síbẹ̀.

“Bá mi tún un kọ,” ló wí. “Jẹ́ kó dùn, jẹ́ kó kúrú. Ẹni tó bá ń yí fóònù rẹ̀ lọ yìí, ìlà méjì péré ni yóò kọ́kọ́ hàn sí i, ìyókù á sá pamọ́ sábẹ́ ‘kà síwájú sí i’. Bí ìdùnnú náà kò bá sí nínú ìlà méjì yẹn, kò sẹ́ni tó máa wá a lọ sísàlẹ̀. Kí o sì gbọ́ o: má dárúkọ ẹnikẹ́ni.”

“Ẹnikẹ́ni? Màmá ńkọ́?”

“Màmá pàápàá. Èmi á pe kálukú lórí fóònù, màá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní etí tirẹ̀. Ọpẹ́ tó ní orúkọ, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é. Èyí tó máa wà ní gbangba, kó jẹ́ ti gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá dárúkọ ẹnìkan níbẹ̀ ti gbàgbé ẹlòmíràn nìyẹn.”

Gègé jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó pa èyí rẹ́, ó fi ìyẹn rọ́pò rẹ̀, ó ń mi ẹsẹ̀ bó ti máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá ti ń dùn mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó mu omi tán, ó ti kà á sókè:

“‘A ṣe é! Ní Sátidé, èmi àti Oníná wọ gbọ̀ngàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́, a sì jáde gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya. Ẹ̀rín kò tíì kúrò lẹ́nu wa. Ẹ̀yin tí ẹ wá, ẹ̀yin tí ẹ rántí wa láti ọ̀nà jíjìn, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ayọ̀ yìí, ti gbogbo wa ni.’”

Àǹtí Nọ́ọ̀sì gbé ife omi sílẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

“Ìwọ ọmọ yìí, ta ló bí ẹ gan-an? Má fi ohunkóhun kún un, má yọ ohunkóhun. Ayàwòrán ṣèlérí pé òun á fi fọ́tò ránṣẹ́ lọ́sàn-án yìí. Bó bá ti dé, mú èyí tí àwa méjèèjì ti ń rẹ́rìn-ín lórí àtẹ̀gùn, fi ọ̀rọ̀ yìí sábẹ́ rẹ̀, kó o gbé e jáde. O ti ní ọ̀rọ̀ ìwọlé mi. Wọn kì í jẹ́ ká mú fóònù wọ wọ́ọ̀dù, àfi tí mo bá jáde ni mo lè tan tèmi.”

Bó ṣe lọ nìyẹn.

Fọ́tò kò tètè dé. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni Ṣúgà.

Ọmọ kíláàsì Gègé ni Ṣúgà, ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn níbi tí kọ́kọ́rọ́ kò ti ṣiṣẹ́. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí wọ́n jọ ń jókòó lábẹ́ fèrèsé níwájú kíláàsì, tí wọ́n jọ ń kàwé nílé wọn ní ọ̀sán Sátidé, tí wọ́n sì ń fi fọ́tò ìwé kíkà náà síta kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ lè rí i. Ó ti pẹ́ tí ọkàn Gègé ti ń fà sí ìjókòó yẹn, àmọ́ kò sẹ́ni tó pè é rí. Ìyá Ṣúgà ló ṣe gbọ̀ngàn ìgbéyàwó náà lọ́ṣọ̀ọ́. Ìyá Ọlọ́ṣọ̀ọ́ ni wọ́n ń pè é.

“Mo gbọ́ lẹ́nu ayàwòrán pé ìwọ lo máa gbé ìkéde ìyàwó jáde,” ni Ṣúgà wí, ó sì jókòó tì í bí ẹni pé wọ́n ti jọ ń jókòó tipẹ́. “Jẹ́ n rí i.”

Ó kà á. Ó yínmú.

“Ó dáa o. Ṣùgbọ́n ìyá mi dà?”

“Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí àǹtí mi ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.”

“Hàbà! Òdòdó tí ìyá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ so mọ́ òpó gbọ̀ngàn yẹn, ṣé afẹ́fẹ́ ló so ó ni? Ìlà kan péré ni mo ní kó o fi kún un. Ìlà kan kò lè pa ọ̀rọ̀ lára. Ẹni tó bá rí i á pe ìyá mi síṣẹ́, àǹtí rẹ kò sì ní pàdánù ohunkóhun.” Ó sún mọ́ ọn. “Ní Sátidé, wá bá wa kàwé. Ìṣirò la fẹ́ ṣe. Mo ti sọ fún àwọn tó kù pé o ń bọ̀.”

Gègé mọ̀ pé kò yẹ. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà, “mo ti sọ fún wọn pé o ń bọ̀,” ń dún létí rẹ̀ bí orin. Àsìkò yẹn gan-an ni fóònù dún. Fọ́tò dé. Ó rẹwà: Oníná ń rẹ́rìn-ín títí eyín òkè fi hàn, ìyàwó sì di apá rẹ̀ mú bí ẹni pé àtẹ̀gùn náà máa sá lọ.

Ó kọ ìlà kan: “Ọpẹ́ pàtàkì ni fún Ìyá Ọlọ́ṣọ̀ọ́.”

Ó wò ó. Ìlà náà dá dúró bí ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ wá síbi ìgbéyàwó. Wọ́n á mọ̀ pé ẹnìkan ló ní kí wọ́n fi sí i. Ó rò pé bí òun bá fi orúkọ díẹ̀ sí i, ojú á kúrò lára tìyá Ṣúgà. Ló bá fi àbúrò ìyá wọn tó wa ọkọ̀ ìyàwó kún un, ó fi ayàwòrán kún un, ó fi ẹni tó ń darí ètò kún un. Kí gbogbo rẹ̀ lè jọra, ó yọ “ẹ̀yin tí ẹ wá” kúrò, ó sì kọ pé: “Ọpẹ́ pàtàkì ni fún àwọn tó dúró tì wá gbágbáágbá: Ìyá Ọlọ́ṣọ̀ọ́, Bọ̀dá Awakọ̀, Ayàwòrán wa, àti Olùdarí ètò.”

“Ìyẹn dáa,” ni Ṣúgà wí. Ìka ara rẹ̀ ló fi tẹ bọ́tìnì tó gbé e jáde.

Àwọn ọkàn pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ fọ́tò náà bí èéfín. “Ẹ kú oríire!” “Ilé á tura!” “Ẹ̀rín yìí ò ní gbẹ!” Ṣúgà dìde, ó gbá Gègé mọ́ra, ó ní Sátidé di Sátidé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Gègé jókòó, ó ń ka ìkíni, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń dùn, títí tó fi kan ọ̀rọ̀ kan tí kò ní ọkàn pupa, tí kò ní ẹ̀rín:

“A dúpẹ́ o. A kò mọ̀ pé ẹni tó dúró nínú oòrùn kò sí lára àwọn tó dúró tì yín.”

Ìyàwó Onítáyà ló kọ ọ́.

Gègé mọ ẹni tó ń wí. Onítáyà ni ẹ̀gbọ́n Oníná. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló ti ń lẹ táyà, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí àwọn òbí wọn kú, òun ló tọ́ Oníná dàgbà, òun ló rán an lọ kọ́ṣẹ́ iná. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, gbogbo èèyàn ló jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, àmọ́ Onítáyà dúró lẹ́nu géètì, ó ń fi ọwọ́ júwe ibi tí ọkọ̀ kálukú máa gúnlẹ̀ sí, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, títí ètò fi parí. Bí ẹ bá wo gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà, ẹ kò ní rí i nínú ẹyọ kan.

Gègé ro ohun tí ẹni tó bẹ̀rù máa ń rò. Ó ní kí òun sáré fi orúkọ rẹ̀ kún un. Ó ṣí ìkéde náà, ó fi “Ẹ̀gbọ́n wa Onítáyà” ṣíwájú gbogbo orúkọ tó kù, ó sì tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ojú òpó náà kì í bo àṣírí: bó ti ṣe é tán ni ọ̀rọ̀ kékeré kan yọ lábẹ́ fọ́tò pé wọ́n ti ṣe àtúnṣe sí i, ẹnikẹ́ni tó bá sì tẹ ibẹ̀ á rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Kò pẹ́ rárá. Àǹtí Oníná, àbúrò ìyá rẹ̀ tó bù kún owó àga, kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Ẹ ti rántí ẹnìkan. Ó ku àwa yòókù.” Ọ̀rẹ́ ìyàwó kan tó sun ilé wọn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn fi ojú tó ń sunkún síbẹ̀. Ẹlòmíràn ti ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe àtúnṣe, ó sì fi í sábẹ́ ìkéde náà: “Ẹ wo bó ṣe wà lákọ̀ọ́kọ́ o.” Ẹni tí a kò dárúkọ bínú, ẹni tí a dárúkọ nígbẹ̀yìn bínú, ẹni tí kò kàn ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ìkíni oríire rì sábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ yìí bí òkúta nínú odò. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gègé ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ kó ẹyin fífọ́ jọ, ó sì ń dà á sára aṣọ.

Fóònù dún. Oníná ni.

“Gègé, báwo ni?” Ohùn rẹ̀ kò ga, ìyẹn gan-an ló bani lẹ́rù. “Mi ò rí àǹtí rẹ pè. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ nǹkankan, ó kàn ti fóònù rẹ̀ pa. Jọ̀ọ́, sọ fún mi: ṣé àǹtí rẹ ló kọ ohun tó wà níta yìí?”

Ó yẹ kí Gègé sọ pé rárá. Ìyẹn náà ò ṣòro, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá,” ló wí. “Àwọn ni wọ́n kọ ọ́.”

Oníná mí kanlẹ̀.

“Ó dáa,” ló wí, ó sì pa fóònù.

Kò sí igbe, kò sí èébú. Gègé ìbá yàn kí ó pariwo. Ó rántí fọ́tò náà, bí àwọn méjèèjì ṣe ń rẹ́rìn-ín lórí àtẹ̀gùn. Ìgbéyàwó tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, òun ti gbé irọ́ sáàárín tọkọtaya. Bí Àǹtí Nọ́ọ̀sì bá jáde ní wọ́ọ̀dù, tó tan fóònù rẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ rí nìyí. Ohun kejì tó máa gbọ́ ni ohùn ọkọ rẹ̀. Ó máa ní òun kò kọ ọ́, ọkọ á sì ní àbúrò rẹ ní ìwọ ni. Ta ni kó gbà gbọ́?

Èrò kan sọ fún un pé kó pa gbogbo ìkéde náà rẹ́. Ó gbé ìka lé e. Ṣùgbọ́n bó bá pa á rẹ́, àwòrán tí wọ́n ti yà kò ní parẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ìkíni àwọn tí ọkàn wọn mọ́ nìkan ló máa lọ. Èrò mìíràn ní kó sọ pé fóònù ló ṣe é, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló da ọ̀rọ̀ rú. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín síyẹn, ẹkún ló jáde. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló mọ orúkọ Ìyá Ọlọ́ṣọ̀ọ́?

Ó tilẹ̀kùn, ó sì forí lé ilé ìwòsàn. Kò rìn, kò sáré. Ó ń ṣe èyí tó wà láàárín méjèèjì. Ní gbogbo ìrìn náà, fóònù ń gbọ̀n lápò rẹ̀, kò sì wò ó.

Ẹni tó wà níbi tábìlì ẹnu ọ̀nà ní àwọn nọ́ọ̀sì máa tó jáde sinmi. Gègé jókòó sórí bẹ́ńṣì onígi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń rùn fún oògùn ìfọlẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó tì í, ó bi í léèrè bóyá ará ilé rẹ̀ ni kò yá. Ó mi orí. Arúgbó náà wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó ní, “Ó dà bíi pé ìwọ gan-an ni.”

Àǹtí Nọ́ọ̀sì jáde, ó sì rí i.

“Màmá ńkọ́? Kí ló ṣe Màmá?”

“Màmá wà dáadáa. Èmi ni, Àǹtí mi. Ẹ má tíì tan fóònù yín.”

Ó sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Ṣúgà, ó sọ ti Sátidé, ó sọ ti orúkọ kan tó di mẹ́rin. Nígbà tó dé ibi ìpè Oníná, ó tẹjú mọ́lẹ̀. “Mo ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́.”

Àǹtí Nọ́ọ̀sì kò lù ú, kò sì bú u. Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́ ju bí iṣẹ́ ṣe lè rẹ èèyàn lọ.

“Nítorí ìjókòó abẹ́ fèrèsé,” ló wí.

“Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi.”

“Orúkọ tó o fi sí i kọ́ ló dùn mí jù, Gègé. Ọkọ mi bi ẹ́ ní ìbéèrè, o sì parọ́ mọ́ mi.”

Ó pe Oníná níbẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ ṣókí: “Àbúrò mi wà níwájú mi, ó ní ọ̀rọ̀ kan láti bá ẹ sọ.” Ó sì na fóònù sí Gègé. Kò sí ibi tí Gègé lè sá gbà. Ó sọ fún Oníná pé irọ́ lòun pa, pé ìyàwó rẹ̀ ní kí òun má dárúkọ ẹnikẹ́ni, pé òun ló ṣe é. Oníná gbọ́ ọ tán, ó ní, “O ṣé tó o sọ ọ́ lónìí. Bó bá dọ̀la ni, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ti sọ sí ìyàwó mi.” Gègé gbọ́ nínú ohùn rẹ̀ pé ẹrù kan ti kúrò lórí rẹ̀. Ó tún gbọ́ pé kò tíì dárí ji òun tán.

“Ó yá, jókòó,” ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wí. “Ìsinmi mi kì í pẹ́. Ká tún un ṣe.”

“Ṣé ká pa á rẹ́?”

“Rárá. Ẹni tó pa á rẹ́ ti gbà pé ohun ìtìjú ni ìgbéyàwó òun. Yọ àwọn orúkọ náà kúrò, gbogbo wọn. Títí kan ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.”

“Inú rẹ̀ kò ní bàjẹ́ sí i?”

“Bí ó bá ku orúkọ kan ṣoṣo níbẹ̀, ìjà kò tíì parí. Dá ‘ẹ̀yin tí ẹ wá’ padà. Kí lo rò pé ó dùn wọ́n? O ní àwọn mẹ́rin ló dúró tì wá gbágbáágbá, àwọn tó kù wá di òǹwòran.” Ó ronú díẹ̀. “Ká fi iṣẹ́ kan kún un. Iṣẹ́ kì í ní orúkọ. Ẹni tó bá ṣe é, á dá ara rẹ̀ mọ̀. Kọ ọ́ báyìí: ẹ̀yin tí ẹ dúró nínú oòrùn kí àwa lè jókòó níbòji.”

Gègé kọ ọ́. Ó fẹ́ fi ìlà mìíràn tẹ̀ lé e, nípa àwọn tó se oúnjẹ, nípa àwọn tó gbálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá a lọ́wọ́ fẹ́ẹ́.

“Tó bá di iṣẹ́ méjìlá, orúkọ ti tún padà wá nìyẹn. Ẹyọ kan tó. Fi í síbẹ̀ kó o dákẹ́.”

Wọ́n kà á papọ̀, orí wọn kan ara wọn:

“A ṣe é! Ní Sátidé, èmi àti Oníná wọ gbọ̀ngàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́, a sì jáde gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya. Ẹ̀rín kò tíì kúrò lẹ́nu wa. Ẹ̀yin tí ẹ wá, ẹ̀yin tí ẹ rántí wa láti ọ̀nà jíjìn, ẹ̀yin tí ẹ dúró nínú oòrùn kí àwa lè jókòó níbòji: ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ayọ̀ yìí, ti gbogbo wa ni.”

“Ó kù kan,” ni Gègé wí. Ó kúrò ní ojú òpó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wọ tirẹ̀, èyí tí gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń rí, ó sì kọ sábẹ́ ìkéde náà: “Èmi àbúrò ìyàwó ni mo fi àwọn orúkọ kún ọ̀rọ̀ yìí láìgbàṣẹ. Kò mọ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i.” Ó tẹ̀ ẹ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì kò yìn ín. Ó ní, “Màá yí ọ̀rọ̀ ìwọlé mi padà lónìí.” Ó dìde. “Ìwọ yà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kó o tó délé. Màá pè é lálẹ́, ṣùgbọ́n tìrẹ ni kó kọ́kọ́ gbọ́.”

Ṣọ́ọ̀bù Onítáyà kò ju àtíbàbà kan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, táyà tò yí i ká, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ń kùn nínú. Obìnrin kan tó ń ta omi tútù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Onítáyà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ri túùbù táyà sínú omi, ó ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò jáde.

“Ẹ kúuṣẹ́ o, sà.”

Ó gbójú sókè, ó sì dá a mọ̀. “Àbúrò ìyàwó wa. Ẹ ń lẹ́ o.” Ìyẹn nìkan. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Gègé tẹríba, ó sì sọ ohun tó bá wá. Kò fi Ṣúgà ṣe àwíjàre. Onítáyà ń gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń yí túùbù nínú omi.

“Ìyàwó mi ló bínú nítorí orúkọ,” ló wí. “Èmi, orúkọ kọ́. Nígbà tí mo kà á, mo ní, àṣé wọn ò rí mi. Mo dúró síbẹ̀ látàárọ̀, mo ń wo ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Mo rò pé bí àbúrò mi bá yọjú, á rí mi.” Ó tún ri túùbù sínú omi. “Ó rí mi ṣá. Ó ti pè mí lẹ́ẹ̀kan. Mo kàn ti fóònù pa ni.”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà.”

“Ọwọ́ mi kún fún gíríìsì. Ka tuntun yẹn fún mi.”

Gègé kà á. Kò ka gbogbo rẹ̀ bí ó ti ń ka nǹkan nílé, pẹ̀lú ìgbéraga. Ó kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lórí fóònù. Nígbà tó dé “ẹ̀yin tí ẹ dúró nínú oòrùn kí àwa lè jókòó níbòji,” ọwọ́ Onítáyà dúró nínú omi.

“Èmi nìyẹn,” ló wí wẹ́rẹ́.

Obìnrin olómi tútù yí padà lórí àga rẹ̀. “Ìwọ wo? Tìẹ nìkan? Ta ló dúró ti ṣọ́ọ̀bù yìí nínú oòrùn ní Sátidé láti àárọ̀ dalẹ́ kí ìwọ lè lọ síbi ìyàwó? Tí mo ń sọ fún onímọ́tò pé kó padà wá lọ́la, tí wọ́n ń bú mi? Èmi náà nìyẹn o!”

Onítáyà wò ó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, ó sì tàn dé ojú. “Òótọ́ ni. Ìwọ náà nìyẹn. Tún un kà, ọmọ yìí, kó gbọ́ ọ dáadáa.”

Gègé tún un kà.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan dán bí ìgbà àkọ́kọ́. Ìyàwó Onítáyà kò kọ nǹkankan sábẹ́ ìkéde tuntun náà, ó sì tó oṣù kan kó tó dá Gègé lóhùn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Oníná ń bá a ṣeré, ṣùgbọ́n bó bá bi í ní nǹkan, á tún bi ìyàwó rẹ̀. Ṣúgà kò pè é ní Sátidé. Àwọn ọmọ ìjókòó abẹ́ fèrèsé ti rí ohun tí Gègé kọ, wọ́n ní ó ti dójú ti ìyá Ṣúgà. Gègé ṣe ìṣirò rẹ̀ nílé lórí tábìlì ìjẹun, ó dá nìkan ṣe é, ó sì ṣòro. Ẹni tó bá pè wá jókòó nítorí ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa, yóò ní ká dìde bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti tẹ ohun náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ẹnikẹ́ni bá fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó jáde bó ṣe fẹ́ ẹ. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ má fi irọ́ bò ó, nítorí irọ́ kì í dá nìkan rìn, ẹlòmíràn ló máa ń fà lọ́wọ́ wọ inú iná. Ní ti ọpẹ́, ẹ dá a ní gbangba lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò fi ní jókòó síta, kẹ́ ẹ sì lọ dá a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ọjọ́ tí ìdánwò Gègé parí, Onítáyà àti olómi tútù ṣì ń jiyàn lórí ẹni tí oòrùn pa jù.